Wọ́n ní kí a fi káàdì ẹ̀bùn san owó físà Kánádà: ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì Wàǹdó (Àjàṣẹ́), Ọjọ́rú, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè gbà mí ní ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí oúnjẹ wọ ọ̀nà ọ̀fun mi láti àná.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, ti ń wá ọ̀nà Kánádà láti ọdún tó kọjá. Orí Fesibúùkù ló ti pàdé ẹnì kan tó ní òun ń bá ìjọba Kánádà ṣiṣẹ́ lórí ìwé àwọn tó fẹ́ wọ ìlú wọn. Wọ́n fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Àsíá Kánádà wà lókè, òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà níbẹ̀ pé pérépéré. Wọ́n ní iṣẹ́ ti jáde fún un ní oko kan, owó ìwé nìkan ló kù, 300 yúrò. Ṣùgbọ́n wọn ò gba owó lọ́wọ́, wọn ò gba ti bánkì, wọn ò sì gba MoMo. Káàdì ẹ̀bùn Apple ni kí a rà, mẹ́ta, 100 yúrò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a họ ẹ̀yìn rẹ̀, kí a ya fọ́tò kóòdù àti rìsíìtì ránṣẹ́ sí wọn.

A ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú káàdì bẹ́ẹ̀ níbí, ni àbúrò mi bá pe ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Líyọ́ọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n ra méjì lánàá ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ tán, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dáhùn pé kóòdù kan kò ṣiṣẹ́, kí ó tún ra méjì sí i, kí ó rà á ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Wọ́n ní bí ẹni tó ń gba owó bá bi í léèrè, kó ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni, kó má sọ pé ti físà ni. Ibẹ̀ ni ara ti fu ẹ̀gbọ́n.

Àbúrò mi ń sunkún pé àwa la fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́, pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Ṣé ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà láyé yìí tó ń gba owó báyìí?

Ọmọ Alákétu (Kétu), 8:19 alẹ́

Olè ni, màmá. Ẹ má fi sẹ́fà kan ránṣẹ́ mọ́. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n má ju káàdì méjèèjì àti rìsíìtì wọn nù, wọ́n ṣì máa wúlò.

Àlhájà Sákétẹ́, 8:31 alẹ́

Ẹ má bú káàdì yẹn o. Ọmọ mi tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù fi irú rẹ̀ ta mí lọ́rẹ nígbà ọdún Iléyá, ọmọ-ọmọ mi ló fi ra eré sínú fóònù, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ẹ ò bá rí ibi tí ẹ ti máa rà á, ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ọmọ mi á rà á fún yín.

Ọmọ Alákétu, 8:34 alẹ́

Àlhájà, ẹ má bínú, ibi tí wọ́n ti ń rà á kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí ọmọ yín ṣe yẹn gan-an ni iṣẹ́ káàdì náà: ẹni tí a mọ̀ fi ta ẹni tí a mọ̀ lọ́rẹ, ẹni tó gbà á sì fi ra nǹkan lọ́dọ̀ àwọn tó ni káàdì. Ti ìyá ìbejì yìí, ẹni tí wọn ò rí rí ló ń fi gba gbèsè.

Adéwálé (Ṣábẹ̀ẹ́), 8:47 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ ìjọba kò gba káàdì tí a kó owó sí ṣáájú, ì báà jẹ́ káàdì wo. Ẹni tó bá ti dárúkọ káàdì fún yín, olè ni. MoMo nìkan ni kí ẹ máa fi sanwó, ọkàn yín á balẹ̀.

Ọmọ Pọ̀bẹ̀ (Mọ́ńríà), 9:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Adéwálé, ẹ jàre, apá kan nínú ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, apá kejì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Èmi gan-an, káàdì Fisa tí a máa ń kó owó sí ṣáájú ni mo fi san owó ìwé mi kí n tó kúrò nílé. Bánkì kan ní Kútọnu ló tà á fún mi, wọ́n gba fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ mi kí wọ́n tó fún mi. Mo wọ ojú ewé ìjọba Kánádà fúnra mi, èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí canada.ca, mo ṣí àkáǹtì mi, mo sì tẹ nọ́ńbà káàdì níbẹ̀. Kí n tó gbé ojú sókè, rìsíìtì ti wọlé pẹ̀lú orúkọ mi àti nọ́ńbà ìsanwó. Mi ò ka nọ́ńbà káàdì sétí ẹnikẹ́ni, mi ò sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Torí náà kì í ṣe bí káàdì ṣe rí ni ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ ni pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sójú ewé wọn, owó sì gba ọwọ́ bánkì kọjá. Ti àbúrò ìyá ìbejì, kóòdù ni wọ́n ní kí ó gbé lé ẹnì kan lọ́wọ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù.

Ẹ tún wo iye tí wọ́n pè. Owó ìwé àṣẹ iṣẹ́ jẹ́ 155 dọ́là Kánádà, ti ìka ọwọ́ àti fọ́tò jẹ́ 85, gbogbo rẹ̀ 240 dọ́là Kánádà. Kí ni yúrò ń wá níbẹ̀? Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín wà ní Faransé ló pe owó ní yúrò. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ó ti sọ ọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé òun ní ẹni lọ́hùn-ún.

Ìyá Ìbejì Wàǹdó, 9:11 alẹ́

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọjọ́ kejì tí àwọn mọra ni wọ́n ti bi í pé ta ló ní ní Yúróòpù, tó sì dá wọn lóhùn. Olúwa o.

Kásíà Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́), 9:38 alẹ́

Ìyá ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Ọdún 27 ni mo fi jókòó nídìí kásà ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì, nílé níbí àti ní Kétu. Ìbéèrè yín, pé ṣé ilé iṣẹ́ kan wà tó ń gba owó báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé tí ẹ ti ń sanwó dá yín lóhùn.

Bí ẹ bá san 5 000 sẹ́fà fún mi, mo gbọ́dọ̀ kọ kítáǹsì. Kítáǹsì yẹn ní nọ́ńbà, orúkọ yín wà lórí rẹ̀, ohun tí ẹ san án fún wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀. Apá kan wà lọ́wọ́ yín, apá kan kù sínú ìwé mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ro gbogbo èyí tó kù sínú ìwé pọ̀, mo máa ka owó tó wà nínú àpótí, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Mo rántí alẹ́ kan ní Kétu tí 500 sẹ́fà dín. Aago mẹ́sàn-án ni mo kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì fi owó tèmi dí i. Lọ́jọ́ kejì, owó á lọ sí bánkì, bánkì náà á fún mi ní ìwé tirẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbé káàdì ẹ̀bùn síwájú mi. Níbo ni kí n kọ ọ́ sí? Owó tí ẹ̀gbọ́n yín san ní Líyọ́ọ̀nù kò sí nínú káàdì yẹn rárá. Ó ti wọ àpò ṣọ́ọ̀bù àti ti àwọn tó ṣe káàdì. Ohun tó wà nídìí kóòdù kò ju ìlérí lọ, pé ẹni tó bá tẹ kóòdù yìí máa gba ọjà 100 yúrò lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá gbé ìlérí yẹn lọ sí bánkì, wọ́n á ní kí n gbé e padà. Mi ò lè fi san owó oṣù tíṣà, mi ò lè fi ra epo sínú ọkọ̀ mẹ́rì. Ọjà àwọn tó ni káàdì nìkan ló lè rà. Kánádà náà ní kásíà tirẹ̀, òun náà sì ń ṣe ìṣirò ìrọ̀lẹ́.

Ìdí kejì ni orúkọ, èyí ló sì jù lójú mi. Kóòdù kò mọ ẹni tó rà á, kò mọ ẹni tó ń lò ó. Ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ín. Ilé iṣẹ́ gidi kò lè gba irú owó bẹ́ẹ̀, nítorí bí ẹ bá padà wá pé ẹ ti san, kí ni wọ́n máa fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ san án? Bí ẹ bá sì san jù, ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà dá a padà? Orúkọ tí kásíà kò lè ṣe aláìní yẹn ni olè ń sá fún. Nígbà tó ní òun kò gba bánkì, òun kò gba MoMo, orúkọ ni kò fẹ́ kó hàn.

Bí ẹ bá bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìjọba ńkọ́? Ọ́fíìsì tó ń báni ṣe ìwé, tí wọ́n bá ń ṣòwò tó tọ́ nílẹ̀ wa, fakitúù nọ́mààlísé ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín, èyí tó ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà. Ẹ kàn bi wọ́n léèrè rẹ̀.

Adéwálé, 9:50 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọmọ Pọ̀bẹ̀, mo gbà, ọ̀rọ̀ káàdì bánkì yẹn yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n ti MoMo tí mo sọ, mi ò yí i padà.

Ọmọ Ìgòlò, 10:14 alẹ́

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n fi í síbẹ̀.

Láàárín 2019 sí 2021, Èkó ni mo wà, òwò káàdì ẹ̀bùn ni mo ń ṣe. Mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin, mo ń tà á fún ẹni tó jù mí lọ. Lójú mi nígbà náà, ọjà bí ọjà ni, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣẹ́ owó ní bọ́dà. Ọjọ́ tí mo jáwọ́ ni ọjọ́ tí ẹnì kan fi fọ́tò káàdì ránṣẹ́ sí mi tí kò gé etí rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ tó di káàdì mú jẹ́ ti ìyá arúgbó, awọ rẹ̀ ti hun, òrùka ìgbéyàwó wà níbẹ̀, tábìlì oúnjẹ ló gbé e lé. Mo mọ̀ pé ìyá yẹn kì í ṣòwò káàdì.

Torí náà mo mọ ìdí gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n yín ṣe. Wọ́n béèrè rìsíìtì nítorí káàdì tó ní rìsíìtì gbówó lórí ju èyí tí kò ní lọ. Rìsíìtì ló ń fi hàn pé ṣọ́ọ̀bù ti ṣí káàdì náà, pé kì í ṣe èyí tí wọ́n jí lórí pẹpẹ. Wọ́n ní 100 yúrò nítorí káàdì ńlá tètè máa ń tà. Wọ́n ní kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, kó sì pè é ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, nítorí àwọn tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún ti mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ wọn máa ń bi ẹni tó bá ń ra púpọ̀ léèrè pé ta lẹ ń rà á fún. Gbogbo ìkánjú wọn sì jẹ́ torí ohun kan ṣoṣo: kí ẹni tó ra káàdì tó pe àwọn tó ni ín láti dí i. Lọ́wọ́ tèmi, láti ìgbà tí fọ́tò bá wọlé títí owó á fi wọ àkáǹtì mìíràn, kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹni tó mú un wá kò ní rí iye tó wà lórí rẹ̀ gbà, ẹ̀dínwó ni wọ́n ń rà á. Kò dùn ún, kì í ṣe òun ló san án.

«Kóòdù kò ṣiṣẹ́» yẹn, irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti lò ó tán, wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ tún rà ni. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó máa ń jẹ́ òótọ́. Bí wọ́n bá fi nǹkan líle họ ẹ̀yìn káàdì, lẹ́tà kan lè bó, tàbí kí fọ́tò ṣú, kí ẹni tó gbà á má lè kà á. Kóòdù Apple jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 16, X ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n gbé káàdì méjèèjì síwájú nísinsìnyí, kí ó ṣí App Store lórí fóònù rẹ̀, kí ó tẹ fọ́tò ara rẹ̀ lókè, á rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ kóòdù káàdì. Kí ó tẹ méjèèjì. Èyí tí wọ́n ti lò, fóònù á sọ fún un. Èyí tí wọn ò tíì lò, á wọ àkáǹtì tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á mọ́. Ẹ má dúró di òwúrọ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n Adéwálé, ti MoMo: olè ń fi MoMo gba owó. Wọ́n ń lo síìmù tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn ṣí. Èyí tó dára níbẹ̀ ni pé orúkọ kan máa ń jáde kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín, tí orúkọ yẹn ò bá ti bá ohun tí wọ́n sọ mu, ẹ lè dúró. Bí owó bá sì lọ, ẹ lè sáré pe ilé iṣẹ́ fóònù kí wọ́n tó gbé e jáde. Kò túmọ̀ sí pé kí ọkàn ènìyàn balẹ̀.

Ìyá Ìbejì Wàǹdó, 11:02 alẹ́

Ọmọ Ìgòlò, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti sùn, mo pè é títí ó fi jí.

Káàdì kìíní ti lọ. Fóònù ní wọ́n ti lò ó. Èkejì, kọ́kọ́rọ́ ilé ló fi họ ọ́, bí o ṣe wí gan-an ló rí: lẹ́tà kẹsàn-án ti bó dé ìdajì, nínú fọ́tò ó dà bí F. Ẹ̀gbọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ó ní òun rí ẹsẹ̀ kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ E. Ó wọlé! 100 yúrò wà nínú fóònù rẹ̀ báyìí. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa fi rà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

100 yúrò ló bá wọn lọ, 65 595 sẹ́fà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ì bá jẹ́ 400.

Ọmọ Alákétu, 11:06 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n pe àwọn tó ni káàdì náà lórí èyí tó lọ, kí ó pè wọ́n lálẹ́ yìí tàbí ní kùtùkùtù. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lára káàdì yàtọ̀ sí kóòdù, ti Apple fi GCA bẹ̀rẹ̀. Òun àti rìsíìtì ni wọ́n máa béèrè. Bí owó bá ṣì jókòó sínú àkáǹtì olè náà, wọ́n lè dí i. Bí ó bá ti ra nǹkan, ó tán.

Agbowópadà_01, 11:20 alẹ́

Ẹ má sunkún mọ́, màmá. Mo mọ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gba owó káàdì padà láàárín wákàtí 24. Ó gba ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. 20 000 sẹ́fà lẹ máa kọ́kọ́ san. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Dáadá (Kétu), 11:33 alẹ́

Ẹ MÁ DÁ A LÓHÙN. Mo fi gbogbo ara bẹ̀ yín.

Tíṣà ni mí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fi fọ́tò ọ̀gá ilé ìwé wa ṣí Wọ́ọ̀sáàpù, ó kọ̀wé sí mi pé òun wà nípàdé ní Kútọnu, òun ò lè gba ìpè, pé àlejò kan láti òkè òkun ń fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì Transcash, kóòdù olówó kan tí wọ́n ń tà ní Faransé, ṣé ọmọ mi tó wà ní Pàrí lè bá òun rà á, òun á san án fún mi lọ́jọ́ Ajé. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ṣe rí. Mi ò lè ní rárá. Ọmọ mi wọ ṣọ́ọ̀bù tábà, ó ra 150 yúrò, ó ka kóòdù fún mi, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé mo kí ọ̀gá, ó ń wò mí bí ẹni tí kò gbédè. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹnì kan bíi Agbowópadà yìí rí mi níbi tí mo ti ń ráhùn lórí Fesibúùkù. Ó gba 25 000 sẹ́fà lọ́wọ́ mi lórí MoMo, ó tún gba 10 000 «owó ìṣíkọ́kọ́rọ́». Olè kan náà ni wọ́n, tàbí ọ̀rẹ́ wọn. Kóòdù tí wọ́n ti lò, ta ló fẹ́ lọ́ ọ padà? Ilé iṣẹ́ tó ni káàdì nìkan ló lè ṣe nǹkan sí i, wọn kì í sì í gba owó kí wọ́n tó wò ó.

Ohun tí mo ì bá ti ṣe ni kí n pe nọ́ńbà ọ̀gá tí mo ti ní lọ́wọ́ tipẹ́. Ìpè kan péré.

Alábòójútó, 11:41 alẹ́

A ti yọ Agbowópadà_01 kúrò. A fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè dá irú rẹ̀ mọ̀.

Kásíà Fẹ̀yìntì, Ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀

Ẹ jí ire. Ìyá ìbejì, ẹ má jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ CNIN ní Kútọnu, àwọn ló ń rí sí ọ̀ràn jìbìtì orí ẹ̀rọ nílẹ̀ wa. Ẹ kó nọ́ńbà Wọ́ọ̀sáàpù wọn dání, ojú ewé Fesibúùkù wọn, lẹ́tà olóǹtẹ̀ yẹn, fọ́tò káàdì àti rìsíìtì. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ nínú fóònù, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn. Kóòtù CRIET tó ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìlú wa níbí náà ló wà.

Adéwálé, 7:22 àárọ̀

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó ra káàdì wà ní Faransé, olè lè wà ní ibikíbi, ó lè jẹ́ aládùúgbò wa, ó lè wà ní ìlú tí a ò mọ̀. Owó sẹ́mí àti ọjọ́ ọjà tí wọ́n máa pàdánù lè ju èyí tó lọ. Mi ò rí àǹfààní rẹ̀.

Dáadá, 7:40 àárọ̀

Mo fi ẹjọ́ tèmi sùn. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ mi ò kábàámọ̀ pé mo lọ, nítorí ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ mi ní nọ́ńbà kan náà ti wà nínú ẹjọ́ méjì ṣáájú tèmi.

Ará Pàrí, 8:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Líyọ́ọ̀nù náà lè fi ẹjọ́ sùn láti ilé. Ọlọ́pàá Faransé ní ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní THESEE fún jìbìtì orí ẹ̀rọ, ó máa rí i lórí service-public.gouv.fr. Owó òun ló lọ, ìlú tó wà ló ti rà á. Kí àwọn ilé náà sì lọ sí Kútọnu. Lójú tèmi, ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì Wàǹdó, 1:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Àwọn tó ni káàdì ti dá ẹ̀gbọ́n lóhùn: wọ́n ti ná owó kìíní tán.

Àbúrò mi kò kọ́kọ́ gbà. Mo ní kí ó dán wọn wò. Mo ní kí ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n ti ṣetán, 300 yúrò ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bánkì ló fẹ́ fi san án, kí wọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ ránṣẹ́, kí kítáǹsì sì jáde lórúkọ rẹ̀. Wọ́n ní bánkì ń pẹ́. Ó ní òun lè dúró. Wọ́n ní ìjọba Kánádà ti fòfin de bánkì Áfíríkà. Ó ní bánkì Faransé ni. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà, a rí àmì aláwọ̀ búlúù, wọn ò fèsì. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, fọ́tò wọn ti pòórá. Ó jókòó sẹ́yìn ìtajà mi, ó ń wo fóònù. Kò sunkún mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀.

Ohun kan ló kù tó ń bà mí lẹ́rù. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àti ti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Kí la lè ṣe sí ìyẹn?

Ọmọ Pọ̀bẹ̀, 2:30 ọ̀sán

Pásípọ́ọ̀tù náà ṣì dára, fọ́tò rẹ̀ lásán kò lè gbé ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí wọ́n fi káàdì ìdánimọ̀ yẹn ṣí síìmù, bí Ọmọ Ìgòlò ṣe sọ, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ lu ẹlòmíràn ní jìbìtì. Torí bẹ́ẹ̀ ni mo fi dara pọ̀ mọ́ Bàbá: bí ẹ bá ti fi ẹjọ́ sùn, ìwé wà nílẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ tí fọ́tò náà bọ́ sọ́wọ́ wọn. Kí ó tún lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan, kí ó béèrè nọ́ńbà tó wà lórúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ìgòlò, 2:41 ọ̀sán

Kí ó má sì dá èyíkéyìí lóhùn bí nọ́ńbà tuntun bá kọ̀wé sí i lóṣù tó ń bọ̀ pé «ìwé rẹ ti wọlé». Wọ́n máa ń ta orúkọ ẹni tó bá ti sanwó rí fún ara wọn.

Ìyá Ìbejì Wàǹdó, 2:58 ọ̀sán

Ó ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Láàárọ̀ ọ̀la la máa wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ.